Ẹni Tó Dúró Ni Yóò Kù: Lámèyítọ́ Lórí Fọ́tò Tí A Yọ Èrò Kúrò Nínú Rẹ̀

Ọdún 1762 ni wọ́n parí Orísun Trevi ní ìlú Róòmù. Lóde òní, ọ̀sán kì í pọ́n kí èrò má kún iwájú rẹ̀ fọ́fọ́. Síbẹ̀, a ń rí fọ́tò rẹ̀ tí kò ní ẹyọ ẹnì kan nínú, tí oòrùn sì ràn yanran lórí òkúta. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lè má jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó jí ní ìdájí rárá. Ó lè jẹ́ àkópọ̀ fọ́tò mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n fi nọ́ńbà agbedeméjì sọ di ẹyọ kan. Bí ó bá ní òun fi ibẹ̀ hàn wá bó ṣe rí gan-an, ó yẹ ká bi í pé: bó ṣe rí nígbà wo?

Ayàwòrán á gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, á sì de gbogbo ètò rẹ̀ mọ́ ojú kan. Bí kámẹ́rà bá ń yí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ padà fúnra rẹ̀, òkúta kan náà á mọ́ nínú fọ́tò kan, á ṣókùnkùn nínú èkejì, ìṣirò á sì dàrú. Lẹ́yìn èyí ló kan sùúrù. Bó bá ń yà á wàràwàrà, ẹnì kan náà ni yóò wà lójú kan náà nínú gbogbo wọn. Ó ní láti jẹ́ kí àwọn tó wà níwájú ṣípò kó tó ya òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ píksẹ́lì kan lára òkúta náà. Láti 0 dé 255 ni wọ́n fi ń ka ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ká sì ní ohun tó kà nínú fọ́tò mẹ́sàn-án nìyí: 181, 180, 182, 60, 181, 179, 95, 180, 182. Ibi tí èèyàn ti kọjá hàn kedere. Bí a bá ṣe ìpíndọ́gba, nǹkan bí 158 ni yóò jáde: òkúta á ṣókùnkùn, ẹni tó kọjá á sì hàn fírífírí bí iwin. Ṣùgbọ́n bí a bá tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù, tí a mú ìkarùn-ún, 180 la ó bá, òkúta gan-an. Ì báà jẹ́ 0 ni 60 yẹn, èsì kò ní yí padà. Nínú Photoshop, `File > Scripts > Statistics` la ó lọ, ká yan `Median`. Ẹni tó ń lo ImageMagick á tẹ ìlà kan:

```
magick *.jpg -evaluate-sequence median esi.jpg
```

Ìdìbò ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òkúta gbọ́dọ̀ hàn nínú márùn-ún, ó kéré tán, kó tó dájú pé yóò wọlé. Àwọn ère àti òpó tó wà lókè Trevi kì í fún ni ní wàhálà, nítorí orí èèyàn kì í dé ibẹ̀. Etí adágún ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹnì kan bá ti kúrò níbẹ̀, ẹlòmíràn á bọ́ síbẹ̀. Bí èèyàn bá wà lójú kan nínú márùn-ún, ì báà jẹ́ èèyàn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nọ́ńbà àárín lè bọ́ sọ́wọ́ wọn. Nítorí pé ọ̀tọ̀ ni Photoshop ń to pupa, ọ̀tọ̀ ni àwọ̀ ewé, ọ̀tọ̀ ni búlúù, pupa lè wá láti ara gèlè obìnrin kan, kí búlúù wá láti ara ṣòkòtò ọkùnrin mìíràn. Àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ lọ́jọ́ náà ló máa jáde. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́ bí ẹ bá fẹ́ dá irú fọ́tò yìí mọ̀: àbàwọ́n tí kò ní ẹsẹ̀ tí kò ní orí, lẹ́bàá omi tó ti pàdánù ìfófòó rẹ̀ nítorí pé omi tó ń já kì í rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

A lè fi fọ́tò kún un kí àkókò gùn sí i, ṣùgbọ́n oòrùn kò ní dúró dè wá, òjìji á ṣípò lára òkúta. Èyí tó kù ni kí ayàwòrán wá fọ́tò kan ṣoṣo tí ojú ibẹ̀ ti ṣófo, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Níbẹ̀ ni ìṣirò ti parí tí ìfẹ́ inú bẹ̀rẹ̀. N kò bá a wí, ṣùgbọ́n ó yẹ kó kọ iye fọ́tò àti iye ìṣẹ́jú tó lò sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Fọ́tò tí èrò pòórá nínú rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1838, ayàwòrán Daguerre ya òpópónà Boulevard du Temple ní ìlú Pàrísì. Àwo ìgbà náà kò tètè gba ìmọ́lẹ̀, ó sì ní láti ṣí ojú kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ pòórá, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀ kí wọ́n bá òun dán bàtà hàn nínú rẹ̀. Daguerre kò lé ẹnikẹ́ni lọ. Àwo rẹ̀ ló lọ́ra. Agbedeméjì náà ń dá ẹni tó dúró sí, àmọ́ ẹni tó ń lò ó lónìí kì í sábà fẹ́ ẹ. Ọlọ́pàá tó dúró sójú kan létí adágún Trevi ní gbogbo àkókò náà á yọ ketekete nínú èsì, bàtà dé fìlà, ayàwòrán á sì mú búrọ́ọ̀ṣì kó pa á rẹ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, mà á fi í sílẹ̀: òun nìkan ni ìṣirò náà jẹ́rìí pé ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́.