Ọjà Tó Kúrò Ní Kútọnu Tí Kò Tíì Dé Soclogbo

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kan gbogbo oníṣòwò tó ní ẹ̀ka ju ẹyọ kan lọ: ọjà tó ti kúrò ní ẹ̀ka kan, tí kò sì tíì dé èkejì. Ta ló ni í lọ́wọ́? Ìwé ta ló yẹ kó wà? A ó wo bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é, a ó wọ̀n ọ́n, a ó sì sọ ibi tó ti wọ́.

Ká fi oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ, láìní ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Sitọ́ọ̀ ńlá rẹ̀ wà ní Kútọnu, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan sì wà ní Soclogbo níhìn-ín, láàárín òkè Ìdàáṣà. Ọkọ̀ akẹ́rù á gba Bohikọn wá sí Ìdàáṣà, ìrìn tó tó nǹkan bí igba kìlómítà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń já ẹrù Soclogbo sílẹ̀ kí ọkọ̀ kékeré tó wá gbé e. Bí ọkọ̀ kékeré kò bá sí lọ́jọ́ náà, ẹrù á sun Ìdàáṣà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó ń fa wàhálà ni pé ìwé ẹ̀ka méjèèjì kò mọ̀ pé ó sùn síbẹ̀.

Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kejìlá, Kútọnu di 80 àpò ìrẹsì sọ́kọ̀. Iye tí wọ́n ra àpò kan jẹ́ 20,000 sẹ́fà, nítorí náà ẹrù yìí tó 1,600,000 sẹ́fà. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni ọdún parí, wọ́n sì ka ọjà ní ẹ̀ka méjèèjì. Ìrẹsì náà ṣì wà ní Ìdàáṣà. Ẹni tó ka ọjà ní Kútọnu kò rí i, ẹni tó kà á ní Soclogbo náà kò rí i. Àwọn méjèèjì kò parọ́. Àmọ́ nígbà tí ọ̀gá pa iye méjèèjì pọ̀, 1,600,000 sẹ́fà ti pòórá nínú ọrọ̀ rẹ̀. Níwọ̀n bí ọjà tó kù ní ìparí ọdún ti dín, èrè ọdún náà dín pẹ̀lú iye kan náà, bí ẹni pé wọ́n ti ta ìrẹsì yẹn láìgba kọ́bọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, èrè á tún wú sókè láìnídìí.

Àwọn kan máa ń wá ọ̀nà àbùjá sí èyí pẹ̀lú tẹlifóònù. Kútọnu á pe Soclogbo pé ẹrù ti ń bọ̀, Soclogbo á sì kọ 80 àpò sínú ìwé rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lápapọ̀, iye ọjà á pé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù: ìwé rẹ̀ sọ pé ìrẹsì 80 wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ilẹ̀ sọ pé kò sí ẹyọ kan. Bí ẹni tó ń ka ọjà bá wọlé lọ́jọ́ náà, òun ni yóò ṣàlàyé àdánù tí kò fọwọ́ kàn. Àwọn mìíràn yí i padà: Kútọnu ò ní yọ ọjà kúrò nínú ìwé títí Soclogbo yóò fi sọ pé ó ti dé. Ẹni Kútọnu ni yóò wá máa ṣàlàyé ọjà tó ti jáde. Èyí tó burú jù lọ ni kí Soclogbo kọ ọ́ nítorí tẹlifóònù, kí Kútọnu má sì tíì yọ ọ́. Ìrẹsì 80 á di 160 nínú ìwé, ọ̀gá á rò pé òun lówó ju bó ṣe rí lọ.

Ìdájọ́ mi lórí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí kò le: wọ́n gbìyànjú láti fi ibi méjì kọ ohun tó ní ibi mẹ́ta. Ọjà lè wà ní Kútọnu, ó lè wà ní Soclogbo, ó sì lè wà lójú ọ̀nà. Ìwé tí kò ní àyè fún ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ purọ́ fún ọjọ́ kan ó kéré tán.

Bó ṣe yẹ kí ó lọ nìyí. Ní Kútọnu, wọ́n á kọ ìwé ẹrù tó ní nọ́ńbà, ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan á kù nílé, méjì á bá awakọ̀ lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an, 80 àpò á kúrò lórí káàdì ọjà Kútọnu, wọ́n á sì bọ́ sórí káàdì kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ «Ojú ọ̀nà: Kútọnu sí Soclogbo». Soclogbo kò kọ nǹkan kan. Nígbà tí ẹrù bá dé, ẹni tó gbà á á kọ́kọ́ ka àpò kó tó wo iye tó wà lórí ìwé, á kọ ohun tó kà, á fọwọ́ sí i, á dá ẹ̀dà kan padà fún awakọ̀. Ọjọ́ yẹn ni iye tó kà á kúrò lórí káàdì ojú ọ̀nà, tí á sì bọ́ sórí káàdì Soclogbo.

Ẹ kíyè sí ohun tí mo sọ: iye tó kà, kì í ṣe iye tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ká ní 78 àpò ló dé. Soclogbo á kọ 78. Àpò méjì á ṣẹ́ kù lórí káàdì ojú ọ̀nà, 40,000 sẹ́fà. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n wà, nítorí wọn kì í ṣe ti Kútọnu mọ́, Soclogbo kò sì tíì gbà wọ́n. Ìwé ń sọ pé ìbéèrè kan ṣì ń dúró de ìdáhùn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kà á ṣì nígbà tí wọ́n ń di ẹrù, ó lè jẹ́ pé àpò méjì kù sí Ìdàáṣà, ó sì lè jẹ́ olè. Títí tí wọn ó fi mọ̀ ọ́n, ẹ̀ka kankan kò gbọ́dọ̀ dá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìyàtọ̀ náà rẹ́. Ọ̀gá nìkan ló lè fọwọ́ sí i pé kí ó di àdánù, kí ìdí rẹ̀ sì wà lórí ìwé.

Ètò ìṣirò owó tí a ń lò ní Bẹ̀nẹ̀ kò fi èyí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú SYSCOHADA, tí àtúnṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2018, àkáǹtì 38 wà fún ọjà tó ṣì wà lójú ọ̀nà, àkáǹtì 185 sì wà láti so ilé iṣẹ́ àti ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀. Ní àpẹẹrẹ wa, àkáǹtì 185 ní ìwé Kútọnu á sọ pé a ti fi 1,600,000 sẹ́fà ránṣẹ́ sí Soclogbo. Èyí tó wà ní ìwé Soclogbo á sọ pé kò sí ohun tó dé. Ó yẹ kí méjèèjì pa ara wọn rẹ́ nígbà tí a bá pa ìwé pọ̀. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ wọn gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà lórí káàdì ojú ọ̀nà mu, àpò sí àpò. Òun ni a ó gbé sí àkáǹtì 38. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 1,600,000, tí káàdì sì sọ 1,560,000, ẹnì kan ti kọ nǹkan tí kò yẹ.

Iye tí wọ́n ra ọjà ni a ó fi kọ ọ́, nítorí ènìyàn kì í jèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí Kútọnu bá kọ ọ́ sí Soclogbo lọ́rùn ní 22,000 fún àpò kan, èrè 160,000 sẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò tíì san ti wọ inú ìwé nìyẹn. A gbọ́dọ̀ yọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ tó bá kù lórí ọjà tí a kò tíì tà ní ìparí ọdún.

Ẹnì kan lè sọ pé kọ̀ǹpútà á ṣe gbogbo èyí fún wa. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Bìrìtéènì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ìyá kan tó ń bójú tó ẹ̀ka Dalmellington ní Sikọ́tíláǹdì fi 8,000 pọ́n-ùn ránṣẹ́ láti ẹ̀ka ńlá sí ẹ̀ka kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀. Owó ni, kì í ṣe ìrẹsì, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà kọ ọ́: ó jáde níhìn-ín, ó wọlé lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà á wọlé, ojú kọ̀ǹpútà kò kúrò níbi tó wà. Wọ́n tún bọ́tìnì tẹ̀, wọ́n tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Horizon kọ owó náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìwé wá sọ pé 32,000 ló wọlé, nígbà tó jẹ́ 8,000 ló wà lórí tábìlì. Àìpé 24,000 pọ́n-ùn nìyẹn, tí kò sí ẹni tó jí kọ́bọ̀.

Ìwádìí fi hàn pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nígbà 112 ní ẹ̀ka 88 láti ọdún 2010. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá ọdún 2019, Adájọ́ Fraser kà á mọ́ àbùkù Horizon nínú ìdájọ́ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n ti gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún alábòójútó ẹ̀ka lọ sílé ẹjọ́ nítorí àìpé tí ẹ̀rọ náà sọ pé ó wà lọ́wọ́ wọn.

Bí mo bá wọn iṣẹ́ yẹn, àṣìṣe kọ̀ǹpútà kọ́ ni mo kà sí èyí tó wúwo jù. Ohun tó wúwo ni pé ìwé ìfiránṣẹ́ kan ṣoṣo lè wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin láìsí ohun tó dá a dúró. Ẹ̀ka tó rán owó jáde kọ 8,000, èyí tó gbà á kọ 32,000. Ká ní àyè kan wà láàárín wọn fún ojú ọ̀nà, tí kò sì gbà kí ohun tó jáde ju ohun tó wọ inú rẹ̀ lọ, ìgbà kejì tí wọ́n tẹ bọ́tìnì ni ẹ̀rọ ìbá ti kọ̀. Òfin kan náà ló yẹ káàdì Soclogbo: lórí nọ́ńbà ìwé ẹrù kan, ohun tó wọlé kò gbọ́dọ̀ ju ohun tó jáde lọ. Bí ẹrù bá dé ní ẹ̀ẹ̀mejì, 50 lónìí, 28 lọ́la, àpapọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá 80. Bí káàdì ojú ọ̀nà bá ti di odo, ìwé yẹn ti pa. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ odo, ẹ má wá olè. Ẹ wá ẹni tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àmì kejì ni ọjọ́ orí. Láti Kútọnu sí ọ̀dọ̀ wa, ẹrù kì í lo ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà ohunkóhun tó bá ti pé ọjọ́ méje lórí káàdì ojú ọ̀nà kì í ṣe ọjà tó ń rìn mọ́. Ó ti dé tí wọn kò kọ ọ́, tàbí kò ní dé mọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ọ̀gá máa wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, kó pe ẹ̀ka méjèèjì, kó sì béèrè lọ́wọ́ awakọ̀.

Mo gbà pé ètò yìí ní ibi tó mọ. Káàdì ojú ọ̀nà kò lè sọ ẹni tó mú àpò méjì. Bí ẹni tó di ẹrù àti ẹni tó gbà á bá sì fohùn ṣọ̀kan láti purọ́, ìwé wọn á bá ara wọn mu rẹ́gí. Ó tún ń gba àkókò: ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń tajà níbẹ̀ á rí i pé kíka àpò 80 lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdádúró. Ṣùgbọ́n ohun tó lè ṣe tó. Ó fi hàn láàárín ọwọ́ méjì wo ni àìpé ti ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ wo, kò sì jẹ́ kí ẹni tí ẹrù kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ san owó rẹ̀. Oníṣòwò tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, kó fa ìlà mẹ́rin sí i: nọ́ńbà ìwé ẹrù, iye tó jáde, iye tó wọlé, iye tó kù. Ìlà kẹrin yẹn ni kó máa kọ́kọ́ wò.