Ìkìlọ̀ Kì í Ṣe Ìfilọ̀

Ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí a ń fọwọ́ sí ní Àjàṣẹ́, èdè Faransé ni a sábà fi ń kọ ọ́. Bí ìjà bá dé, Faransé yẹn ni adájọ́ yóò kà. Nítorí náà, ẹni tó ń tú u sí Nàgó gbọ́dọ̀ rí i pé ohun tí òṣìṣẹ́ gbọ́ kò yàtọ̀ sí ohun tó fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìwé obìnrin kan tó fẹ́ máa bá ọlọ́jà tajà ṣe àpẹẹrẹ. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 60.000 fránkì. Faransé inú ìwé náà sọ ohun mẹ́ta. Èkíní, ìgbà àyẹ̀wò jẹ́ oṣù 1, a sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Èkejì, nínú ìgbà náà, ọ̀gá tàbí òṣìṣẹ́ lè fòpin sí àdéhùn láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ fòpin sí i nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ fún ẹnì kejì ní ọjọ́ 30 ṣáájú. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò san owó ọjọ́ tó kù.

Ìtumọ̀ tó yá lẹ́nu ni èyí: "Ọ̀gá yóò dán ọ wò fún oṣù 1. Bí o kò bá mọṣẹ́, yóò lé ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò kìlọ̀ fún ọ kó tó lé ọ."

Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ti yí àdéhùn padà. "Bí o kò bá mọṣẹ́" kò sí nínú ìwé. Pé oṣù kan lè di méjì ti sọnù. "Lé" fi agbára sí ọwọ́ ọ̀gá nìkan. Bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ náà lè fòpin sí i. Èyí tó léwu jù ni "kìlọ̀". Ìkìlọ̀ ni a ń ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀, kó lè yíwà padà kó sì dúró. Ìfilọ̀ ìpínyà kò ní ẹ̀sùn nínú. Ó kàn ń sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí.

Ẹ wo ohun tó lè tẹ̀lé e. Obìnrin náà ti kọjá ìgbà àyẹ̀wò. Ó fi ìwé sọ pé òun ń lọ, ó ṣiṣẹ́ ọjọ́ 10, ó sì lọ. Lójú tirẹ̀, ọ̀gá nìkan ni ó yẹ kó kìlọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 20 ló kù: owó ọjọ́ kan jẹ́ 2.000, gbèsè rẹ̀ sì di 40.000 fránkì.

Bí a bá túmọ̀ tán, kí á ka Nàgó náà fún ẹni tí kò rí Faransé rẹ̀. Kí á bi í pé: Ta ni ọ̀rọ̀ yìí dè? Ṣé ó "lè" ṣe é ni, tàbí ó "gbọ́dọ̀" ṣe é? Ọjọ́ mélòó ni? Kí ni yóò san bí kò bá ṣe é? Bí ìdáhùn kan bá yàtọ̀ sí ti ìwé, ìtumọ̀ náà kò tíì tó fọwọ́ sí.