Ìnájà Aláṣọ Orí Ẹ̀rọ Ayélujára

Ọlọ́jà orí ẹ̀rọ ayélujára tó mọṣẹ́ ti mọ ibi tí ìnájà yóò parí sí kó tó gbé àwòrán ọjà síta. Ká ní ó ra àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà ní ₦9,000, tí owó ọkọ̀ àti ọ̀rá jẹ́ ₦800. ₦9,800 ni owó ọjà náà. Ó lè kọ ₦12,500 sábẹ́ àwòrán, kó sì pinnu lọ́kàn pé òun kò ní tà á kéré sí ₦11,500.

Àwọn kan kì í kọ iye rárá. Wọ́n á ní kí oníbàárà wá béèrè ní ìkọ̀kọ̀. Ìyẹn a máa mú oníbàárà fura pé ojú ẹni ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó dá iye lé ọjà.

Bí ẹnìkan bá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ó gba ₦10,000?”, ọlọ́jà gbọ́n tó bá dáhùn pé: “Ẹ ṣé mà, kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá mú méjì, ẹ san ₦11,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ìfiránṣẹ́ wà lọ́tọ̀.” Ẹ̀dínwó yìí ní ìdí. Èyí tí kò nídìí máa ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí àwọn oníbàárà a máa fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ han ara wọn.