Pearson, Spearman àti Owó Dísẹ́ẹ̀lì ní Allen

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ìṣirò wá ìdí ọ̀rọ̀ fún àwọn oníṣòwò, láti Òpópónà Allen ní Ìkẹjà títí dé àwọn ilé iṣẹ́ apá Agége. Nínú gbogbo ìṣirò tí mo ń lò, èyí tó ń wọn ìbárìn nǹkan méjì ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń sọ fúnni bóyá wọ́n jọ ń gòkè ni, tàbí bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Èsì rẹ̀ kì í kọjá 1, kì í sì í wálẹ̀ ju -1 lọ. Bó bá wà nítòsí 0, a jẹ́ pé ìṣirò náà kò rí ìbárìn kankan.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Karl Pearson gbé tirẹ̀ jáde ní 1896, Charles Spearman sì gbé tirẹ̀ jáde ní 1904. Ti Pearson ń lo iye gan-an: ó ń wo bí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba gbogbo wọn, ó sì ń wá ìlà tó tọ́ gbọọrọ. Ti Spearman máa ń kọ́kọ́ sọ iye di ipò, èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta, kó tó ṣe ìṣirò kan náà lórí àwọn ipò yẹn. Bí ẹni wo eré sísá ni: Pearson ń béèrè ìṣẹ́jú tí olúkúlùkù fi sá a, Spearman ń béèrè ẹni tó ṣáájú ẹni.

Ìyàtọ̀ yìí máa ń hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ owó dísẹ́ẹ̀lì. Ilé ìtajà alájà púpọ̀ pọ̀ ní Allen tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ló ń fún gbogbo ayálégbé níná. Alámòójútó ilé á wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n pín owó dísẹ́ẹ̀lì ní iye òṣìṣẹ́ tí kálukú ní?” Ó dà bí ohun tó tọ́ létí. Ẹ jẹ́ ká wò ó pẹ̀lú àpẹẹrẹ tí mo tò kalẹ̀ fún àlàyé, ká gbà pé mítà wà lára ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, tí a sì ti sọ iná tí wọ́n lò lọ́sẹ̀ di lítà.

Onídìrí tó ní òṣìṣẹ́ 3 lo lítà 50, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun kì í sinmi. Onífọ́tò tó ní òṣìṣẹ́ 4 lo 30. Ẹni tó ń ta áìsìkirímù ní òṣìṣẹ́ 5, àmọ́ fírísà rẹ̀ gbé e dé 60. Ọ́fíìsì lọ́yà tó ní ènìyàn 6 lo 20 péré. Aránṣọ tó ní òṣìṣẹ́ 7 lo 40. Báǹkì tó wà nísàlẹ̀ ilé ní òṣìṣẹ́ 60, ó sì lo lítà 900.

Bí a bá fi ọ̀nà Pearson ṣe é, èsì jẹ́ 0.996. Ẹni tó bá rí i á ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí wọ́n fi iye òṣìṣẹ́ pín owó. Àmọ́ bí a bá fi ọ̀nà Spearman ṣe é lórí ìwé kan náà, 0.257 ni. Kí ló dé? Ẹ yọ báǹkì kúrò, kí ẹ tún un ṣe: àwọn márùn-ún tó kù yóò fún yín ní -0.3, yálà ẹ lo ti Pearson tàbí ti Spearman. Báǹkì nìkan ló gbé èsì àkọ́kọ́ yẹn sókè. Nítorí pé ó jìnnà sí gbogbo àwọn yòókù lọ́tùn-ún lósì, ó fa ìlà Pearson mọ́ra bó ṣe wù ú. Lójú Spearman, ẹni kẹfà ni báǹkì, kò sì jìnnà sí ẹni karùn-ún ju bí ẹni karùn-ún ṣe jìnnà sí ẹni kẹrin lọ. Bí a bá pín owó ní iye òṣìṣẹ́, lọ́yà yóò máa bá báǹkì san lára owó iná rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára 0.257 yìí mọ pẹ̀lú. Nígbà tó jẹ́ pé mẹ́fà péré ni nǹkan tí à ń wò, Spearman ní láti dé 0.886 kí a tó lè ní kì í ṣe èèṣì, ní ìwọ̀n 5 nínú 100 tí àwa oníṣirò sábà ń lò. Nítorí náà, kò fi hàn pé ìbárìn wà. Kò sì fi hàn pé kò sí rárá.

Lórí Excel, kò sí àṣẹ kan tó dá dúró fún Spearman, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ṣe. Bí òṣìṣẹ́ bá wà ní òpó A, tí lítà wà ní òpó B, a ó kọ ipò wọn sí C àti D:

```
C2: =RANK.AVG(A2,A$2:A$7,1)
D2: =RANK.AVG(B2,B$2:B$7,1)
=CORREL(C2:C7,D2:D7)
```

`RANK.AVG` ni kí ẹ lò, torí bí ẹni méjì bá dọ́gba, á fún àwọn méjèèjì ní ìpíndọ́gba ipò wọn. Ẹ fa ìlà méjì àkọ́kọ́ dé ìlà keje kí ẹ tó kọ ìkẹta.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Spearman ló sàn jù nígbà gbogbo. Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ká ní ó ń jẹ lítà 3 ní wákàtí kan lásán kó tó gbé ẹrù kankan, tó sì ń fi 0.25 kún un fún kílówáàtì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹrù bá jẹ́ 5, 10, 20, 40 àti 80, yóò jẹ lítà 4.25, 5.5, 8, 13 àti 23. Pearson fún wa ní 1 gééré. Pearson ló yẹ níbí, torí ìlà tó tọ́ ni, iye sì ni alámòójútó ń wá: ó fẹ́ mọ lítà tí yóò rà bí ẹrù bá pọ̀ sí i. Spearman náà yóò ní 1, ṣùgbọ́n ìbáà jẹ́ lítà 23 ìbáà jẹ́ 230 ló wà níparí, ohun kan náà ni yóò sọ.

Ẹ wá pín lítà sí kílówáàtì, kí a mọ ohun tí iná ẹyọ kan ń ná wa: 0.85, 0.55, 0.40, 0.325, 0.2875. Ẹ̀rọ kan náà, ẹrù kan náà, ṣùgbọ́n Spearman sọ pé -1, Pearson sọ pé -0.75. Iye náà ń wálẹ̀ láìyẹsẹ̀, àmọ́ kò wálẹ̀ ní ìlà tó tọ́: ó já ṣòòròṣò níbẹ̀rẹ̀, ó wá rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Pearson kò parọ́, ìlà tó tọ́ ló ń wá, kò sì rí i pé pérépéré. Spearman ló mú ohun tí alámòójútó ní láti mọ̀, pé ẹrù kékeré lórí ẹ̀rọ ńlá ni iná tó wọ́n jù.

Nítorí náà, kí n tó ṣírò ohunkóhun, mo máa ń kọ́kọ́ ya àmì kọ̀ọ̀kan sórí gíráàfù. Bí wọ́n bá tò lẹ́yìn ara wọn gbọọrọ, tí kò sí èyí tó dá dúró sí ọ̀nà jíjìn, mo gba ti Pearson. Bí wọ́n bá tẹ̀, tí wọn kò sì yí ojú padà, tàbí tó jẹ́ ìdáhùn bíi “ó dára”, “ó dára gan-an” ni mo kó jọ, ti Spearman ni. Bí wọ́n bá wálẹ̀ tí wọ́n tún gòkè, kò sí èyí tó tó nínú méjèèjì. Lẹ́yìn náà, mo máa ń ṣe ọ̀nà méjèèjì. Bí èsì wọn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọkàn mi balẹ̀. Bí wọ́n bá jìnnà síra, bíi 0.996 sí 0.257, mo mọ̀ pé ẹnì kan ń fa ìlà, mo sì máa ń wá a rí kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni bí yóò ṣe pín owó.