Ìwé Ojú Ewé Kan

Ìpinnu ìgbìmọ̀ olùdarí tí báńkì ń béèrè kó tó yá ilé-iṣẹ́ lówó kì í sábà ju ojú ewé kan lọ. Bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn tí ọ̀gá káfíńtà kàn ni mo ṣe máa ń wò ó, tí mo ń wá ibi tí atẹ́gùn lè gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ ẹlúbọ́ kékeré kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Báńkì kọ lẹ́tà sí wọn pé òun lè yá wọn ní mílíọ̀nù 15 náírà láti ra ẹ̀rọ, kí wọ́n san án tán láàárín oṣù 24. Ọ̀kan nínú àwọn olùdarí mẹ́rin jókòó, ó kọ ìpinnu náà pé: "Àwa olùdarí gbà kí ilé-iṣẹ́ yá owó tí yóò tó ra ẹ̀rọ." Báńkì dá a padà. Èló ni owó tí yóò tó? Ta ni yóò buwọ́ lùwé?

Gẹ̀ẹ́sì ni agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà fi tún un kọ, àmọ́ ohun tó sọ nìyí: "Níbi ìpàdé tí a pè bó ti yẹ, tí iye olùdarí tí òfin béèrè sì pé, a pinnu pé kí ilé-iṣẹ́ gba ẹ̀yáwó tí kò ju 15,000,000 náírà lọ lọ́wọ́ báńkì náà, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn inú lẹ́tà rẹ̀, a sì fún un láṣẹ báyìí láti gbà á."

"Tí a pè bó ti yẹ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́. Òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti 2020 ní kí olùdarí kọ̀ọ̀kan rí ìwé ìpè ní ọjọ́ 14 ṣáájú, àyàfi bí ìlànà ilé-iṣẹ́ náà bá sọ ohun mìíràn. Ẹni tí wọn kò pè lè wá fọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìnwá ọ̀la. Bí ìpàdé bá sì ṣòro, ìwé tí gbogbo wọn buwọ́ lù tó bí ìpàdé.

"Tí kò ju" ni mo fẹ́ràn jù. Ó fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní okùn, ó sì so ó mọ́lẹ̀. Agbẹjọ́rò kò kọ iye èlé síbẹ̀, ọgbọ́n sì ni: èlé lè yí padà, lẹ́tà báńkì ló yẹ kó gbé e. Ìlà tó kàn sọ pé ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ni ohun ìdúró, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ láàárín ọjọ́ 90. Olùdarí méjì tí yóò buwọ́ lùwé tẹ̀ lé e, pẹ̀lú orúkọ àti ipò wọn.

Ó ku déètì. Ọ̀gá ti fi ìkánjú buwọ́ lu lẹ́tà báńkì ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìpàdé. Agbẹjọ́rò kò yí ọjọ́ ìpàdé padà sẹ́yìn. Ó kàn fi ìlà kan kún un pé ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ohun tí ọ̀gá ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà.