Ìwúwo Yàtọ̀ sí Ẹrù: Àyẹ̀wò Lórí Títún Gbólóhùn Ìwé Ìjọba Kọ

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni títún gbólóhùn wíwúwo inú ìwé ìjọba kọ, kí ó lè yé ẹni tí a kọ ọ́ sí. Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àti àwọn tó ń túmọ̀ ìwé fún ará ìlú, bí àtúnkọ bá ṣe kúrú sí ni wọ́n máa ń yìn ín sí. Èrò tèmi ni pé òṣùwọ̀n yìí kò tọ́. Nínú gbólóhùn ìjọba, ọ̀rọ̀ kan wà tó wúwo lásán, òmíràn sì wà tó wúwo nítorí pé ó ru ẹrù. Ẹni tó bá da méjèèjì nù pọ̀, ìwé rẹ̀ á rọrùn láti kà, ṣùgbọ́n onísọ̀ tàbí onílẹ̀ tó gbẹ́kẹ̀ lé e lè pàdánù ohun ìní rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òfin ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 fi Faransé ṣe èdè ìjọba. Òfin kan náà fún gbogbo àwọn ará ìlú ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. Nítorí náà, ìwé tó bá ti bírò jáde, Faransé ló máa ń jẹ́. Bí ó bá dé ọwọ́ ìyá kan ní Kétu tàbí ní Sábẹ̀ẹ́ tí kò ka Faransé, ọmọ rẹ̀ tàbí aládùúgbò ni yóò kà á, tí yóò sì fi Yorùbá sọ ọ́ fún un. Ìwé ìjọba máa ń gba ẹnu kọjá kó tó dé etí tó ń lọ bá. Àtúnkọ tó dára gbọ́dọ̀ lè rin ìrìn yẹn láìfọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Èmi ni mo ṣẹ̀dá rẹ̀, ní ìrísí ìwé tí ọ̀gá kọ́múùnù máa ń kọ sí ẹni tó jẹ owó ìsọ̀ nínú ọjà. Mo fi Yorùbá tẹ̀ lé ètò gbólóhùn Faransé náà gẹ́lẹ́, kí ìwúwo rẹ̀ lè hàn:

«Láìfi ti ìgbésẹ̀ mìíràn tí òfin gbà láàyè ṣe, a rọ̀ yín kí ẹ jọ̀wọ́ ṣe ètò tó yẹ, láàárín ọjọ́ 15 láti ìgbà tí ẹ bá ti gba ìwé yìí, láti san iye owó tí ẹ jẹ lórí ìsọ̀ tí ẹ ń lò, tàbí, bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, láti fi ẹ̀rí pé ẹ ti san án hàn, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ó rí ara wa nínú ọ̀ranyàn láti gba ìsọ̀ náà padà.»

Irú àtúnkọ tí wọ́n máa ń fún mi fún gbólóhùn báyìí nìyí: «Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá san owó ìsọ̀ yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ yín.» Ó dùn létí, ọmọdé pàápàá lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ti jábọ́. Onísọ̀ tó ti san owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò mọ̀ mọ́ pé ìwé-ẹ̀rí nìkan tó. Ta ni «wọ́n»? Ó lè jẹ́ ọ̀gá kọ́múùnù, ó lè jẹ́ ìyálọ́jà, ó lè jẹ́ ọlọ́pàá. Ẹni tí kò bá mọ ẹni tó fẹ́ gba ìsọ̀ rẹ̀ kò lè mọ ẹni tí yóò lọ bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 15 sì ti di ọ̀sẹ̀ méjì, tí í ṣe ọjọ́ 14. Fún àgbàlagbà tó ṣì ń fi ọjọ́ ọjà ka ọ̀sẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí mo ń lò láti ya ẹrù sọ́tọ̀ kúrò lára ìwúwo kò le. Mo máa ń yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kúrò, kí n wá bi ara mi pé: bí èyí kò bá sí níbẹ̀, ǹjẹ́ ohun tí olùgbà ìwé gbọ́dọ̀ ṣe, tàbí ohun tó lè pàdánù, yóò yí padà? «Ṣe ètò tó yẹ láti san» kò ju «san» lọ. Ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n «láìfi ti ìgbésẹ̀ mìíràn ṣe», tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ gé, ẹrù wà lórí rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bí wọ́n bá tilẹ̀ gba ìsọ̀, gbèsè kò tíì parí. Bí a bá gé e, onísọ̀ lè rò pé bí òun bá ti fi ìsọ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Kí a má gé e. Kí a tú u.

Ẹrù kejì ni ti dandan. Gbólóhùn náà sọ pé «a rọ̀ yín kí ẹ jọ̀wọ́», àṣẹ ni ó sì jẹ́. Faransé bírò máa ń fi ọ̀wọ̀ bo ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́lẹ̀, débi tí ẹni tí kò mọ àṣà wọn á rò pé ẹ̀bẹ̀ ni. Yorùbá kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé «ẹ» ló ń gbé ọ̀wọ̀ fún wa. «Ẹ gbọ́dọ̀ san án» jẹ́ àṣẹ pátápátá, kò sì rí àgbà fín. A lè fi ìkíni sí òkè ìwé, kí a sì fi «gbọ́dọ̀» sílẹ̀ láìbò ó.

Ibi tó ti léwu ni ìgbà tí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan kò pọn dandan. Bí ìwé bá sọ pé onísọ̀ tó ti san kò nílò láti tún wá fúnra rẹ̀, pé ó lè rán ọmọ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọ «ẹ gbọ́dọ̀ wá» níwájú á kàn fi «kò» sí i: «ẹ kò gbọdọ̀ wá fúnra yín». Àyídà òfin nìyẹn. «Kò gbọdọ̀» kì í yọ dandan kúrò. Èèwọ̀ ni ó ń dá sílẹ̀. «Kò pọn dandan kí ẹ wá fúnra yín» ni ohun tí ìwé ń wí. Mo máa ń kọ́kọ́ wo gbogbo ibi tí «gbọ́dọ̀», «lè» àti «kò» bá wà nínú àtúnkọ, mo sì máa ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ti ìwé àkọ́kọ́ kí n tó wo ohunkóhun mìíràn.

Ẹrù kẹta ni ti ọjọ́, òun ló sì ṣòro jù. Àwọn baba wa máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ mọ́ iye. Ọjà tó ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń pè ní ọjà ọrọọrún. Àpéjọ tó ń wáyé lẹ́yìn ọjọ́ 16 ni wọ́n ń pè ní ìtàdógún, tí í ṣe 17. Faransé ojoojúmọ́ náà ń pe ọ̀sẹ̀ kan ní ọjọ́ mẹ́jọ, ó sì ń pe ọ̀sẹ̀ méjì ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kì í sábà kà bẹ́ẹ̀. Ká ní ìyá náà gba ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù kẹta. Bí a bá ka ọjọ́ Ajé yẹn mọ́ ọn, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17. Bí a kò bá kà á mọ́ ọn, ó bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18. Àwọn amòfin tó ń tẹ̀ lé àṣà Faransé tún ní irú gbèdéke kan tí wọn kì í ka ọjọ́ àkọ́kọ́, tí wọn kì í sì í ka ọjọ́ ìkẹyìn. Nínú irú èyí, ó ṣì lè san án ní ọjọ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 19. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé, ọjọ́ ìkẹyìn mẹ́ta ló sì lè jáde láti inú rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí a kàn kọ ọjọ́ oṣù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ìwé ní bírò kò mọ ọjọ́ tí yóò dé ọwọ́ onísọ̀. Bí ó bá ka ọjọ́ 15 láti ọjọ́ tó fọwọ́ sí i, tí ìwé sì pẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́nà, ó ti gba ọjọ́ mẹ́fà lọ́wọ́ olùgbà. Ohun tó dára ni kí a sọ bí a ó ṣe kà á, kí a sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ tí ẹni tó mú ìwé wá yóò kọ ọjọ́ ìkẹyìn sí lójú olùgbà.

Àtúnkọ tí mo lè fọwọ́ sí nìyí:

«Ẹ jẹ owó ìsọ̀ nọ́ńbà 14 fún oṣù mẹ́fà, láti oṣù keje sí oṣù kejìlá ọdún tó kọjá: 6.000 fáráńkì lóṣù, àpapọ̀ 36.000 fáráńkì. Ẹ gbọ́dọ̀ san án ní bírò ọjà. Bí ẹ bá ti san gbogbo rẹ̀, ẹ mú ìwé-ẹ̀rí owó náà wá dípò. Bí ẹ bá ti san apá kan, ẹ mú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wá, kí ẹ sì san ìyókù. Ọjọ́ 15 ni ẹ ní. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí ẹ gba ìwé yìí ni ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ ìkẹyìn ni: ……. Bí ọjọ́ yìí bá kọjá tí ẹ kò sì ṣe é, ọ̀gá kọ́múùnù yóò gba ìsọ̀ náà. Bí ó bá tilẹ̀ gbà á, ó ṣì lè pè yín lẹ́jọ́ nítorí owó náà.»

Ó gùn ju gbólóhùn àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ń fi gígùn díwọ̀n á ní ó kùnà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà nínú rẹ̀ kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́ rárá. Iye owó kò sí níbẹ̀. Ibi tí wọn yóò ti san án kò sí níbẹ̀. Ọ̀ràn ẹni tó san apá kan kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà ka ọjọ́ kò sí níbẹ̀. «A ó rí ara wa nínú ọ̀ranyàn» kò sì sọ bóyá «yóò gbà á» tàbí «lè gbà á» ni. Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ìpinnu tí bírò kò tíì ṣe, tàbí tí kò fẹ́ kí ó hàn, ìwúwo ọ̀rọ̀ sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè ti ní ààlà. Olùtúnkọ kò ní àṣẹ láti yan «yóò» tàbí «lè», tàbí láti pinnu ìgbà tí kíkà ọjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà lọ bi ẹni tó fọwọ́ sí ìwé. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fún mi ní àtúnkọ fi àkọsílẹ̀ àwọn ìbéèrè tó bi bírò tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí ìbéèrè kankan, mo máa ń fura pé ó ti fi òye ara rẹ̀ dí àwọn ihò náà.

Ìdánwò ìkẹyìn, ẹnu ni a fi ń ṣe é. Kí ẹnì kan ka àtúnkọ Faransé, kí ó fi Yorùbá sọ ọ́ fún ẹlòmíràn tí kò rí ìwé náà. Kí a wá bi ẹni tó gbọ́ ní ìbéèrè mẹ́rin: Kí ni ẹ ó ṣe? Ọjọ́ wo ló parí? Bí ẹ kò bá ṣe é ńkọ́? Ta ni ẹ ó lọ bá? Níbi tí ìdáhùn bá ti yàtọ̀ sí ohun tí ìwé sọ, kí a máà dá ẹni tó gbọ́ lẹ́bi, kí a má sì dá ẹni tó sọ ọ́ lẹ́bi títí a ó fi tún gbólóhùn náà wò.