Ọwọ́ Òsì Ìwé ni Màmá Akọ̀wé Kọ́kọ́ Máa Ń Kà

Màmá Akọ̀wé kì í ka àtòjọ bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń kà á. Wọn a mú bébà funfun kan, wọn a fi bo gbogbo rẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ òsì. Wọn a wá máa kà á wálẹ̀ ketekete: "A ti. San. Àga. Onílù máa. A fẹ́. Pípín." Ibi tí ahọ́n wọn bá ti kọsẹ̀ ni wọn yóò fi bírò fàlà sí. Láyé ìgbà náà, a ṣì máa ń tẹ ímeèlì ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa sórí bébà kí a tó fi ránṣẹ́, torí pé Màmá, tí wọ́n ti fi taipuráítà jẹun n'Ìbàdàn kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ́fíìsì, kò gbà pé ojú ń rí àléébù ọ̀rọ̀ lórí gíláàsì.

Èyí tí mo kà lókè yẹn, àtòjọ gidi ni. Ayẹyẹ ìkówójọ ló ń bọ̀, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ sì ti kó ọ̀rọ̀ tí oníkálukú fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ra, ó fi àmì róbótó dúdú síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan:

• A ti san owó gbọ̀ngàn
• San owó jẹnẹrétọ̀
• Àga 200
• Onílù máa dé ní aago 9
• A fẹ́ kánópì 4
• Pípín ìwé ìpè

Ó tò sórí ìlà dáadáa, àmì rẹ̀ sì dọ́gba, ó jọ iṣẹ́ tó ti parí. Ẹ wá bi í pé kí ló ti ṣe, kí ló kù. Wọ́n ti san owó jẹnẹrétọ̀ ni, àbí ẹnì kan ni wọ́n ń rán pé kó lọ san án? Àga 200 ńkọ́, ṣé ó ti wà nílẹ̀ ni, àbí à ń wá a? Ìwé ìpè tí à ń pín, ta ló ń pín in? Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù rí irú ìwé báyìí nígbà kan, ó rò pé òun ni wọ́n ní kó san, ó sì fowó ránṣẹ́ fún ohun tí akápò ti san tán lọ́sẹ̀ tó kọjá. Owó náà kò sọnù, ṣùgbọ́n ìjà tó dá sílẹ̀ pẹ́ ju ayẹyẹ lọ.

Ẹni tó bá ń kánjú á ní kò burú, kí a ṣáà fi "a" bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìlà, ó ti bára mu nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni Màmá ti máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wo "A san owó gbọ̀ngàn" àti "A fẹ́ kánópì 4". Ojú kan náà ni wọ́n ní: "a", ọ̀rọ̀-ìṣe, ohun tí à ń ṣe é sí. Àmọ́ èyí àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀, ó ti kọjá. Èkejì wà lórí wa báyìí. Yorùbá kì í fi ohunkóhun sára ọ̀rọ̀-ìṣe láti sọ ìgbà rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ohun tí ọwọ́ ṣe, bíi rà, san, pín, yá, tí a sì fi sílẹ̀ lásán, ohun tó ti kọjá là ń gbọ́. Bó bá jẹ́ ti ipò tí a wà, bíi fẹ́, mọ̀, ní, òní là ń gbọ́. Nítorí náà, àtòjọ lè bára mu lójú kó má bára mu nínú. Bébà Màmá kò lè mú irú èyí, wọ́n sì mọ̀. Bí wọ́n bá ti fi ọwọ́ òsì ṣe tán, wọn a ṣí bébà kúrò, wọn a fi "lánàá" kún ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́nu. A san owó gbọ̀ngàn lánàá: ó lọ. A pín ìwé ìpè lánàá: ó lọ. A fẹ́ kánópì 4 lánàá: wọn a gbójú sókè wò mí.

Mo ṣì ń gbọ́ ohùn wọn bí wọ́n ṣe ń fà á, "láà-nàáá", bí ẹni ń kọ́ ọmọ kékeré. Wọ́n ní ọ̀gá tó kọ́ àwọn níṣẹ́ kì í jẹ́ kí àwọn fi rọ́bà pa àṣìṣe rẹ́. Ojú ewé tuntun ni wọ́n máa ń fà wọ inú ẹ̀rọ. Ẹni tó mọ̀ pé òun yóò tún odindi ojú ewé tẹ̀ ń rò ó kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ní tiwa, a ó dà á kọ, a ó lẹ̀ ẹ́, a ó fi ránṣẹ́ láti inú dáńfó.

Àtúnṣe Màmá kì í ṣe pé kí wọ́n fi agbára sọ ohun mẹ́fà di ẹyọ kan. Wọ́n kọ́kọ́ pín in sí méjì. Èyí tó ti parí bọ́ sábẹ́ gbólóhùn tirẹ̀, "Títí di àná, ibi tí a bá iṣẹ́ dé nìyí":

• A ti san owó gbọ̀ngàn.
• A ti san owó jẹnẹrétọ̀.
• A ti pín ìwé ìpè.

"Ti" ni wọ́n yàn níbẹ̀, torí pé kò sí ẹni tó máa bá a jiyàn pé ó ti parí. Bí ọ̀kan kò bá tíì ṣe ńkọ́? "A kò tíì" ni yóò jẹ́, Màmá kì í sì í jẹ́ kó wà láàárín àwọn "a ti", torí ojú tó ń sáré á fò ó. Ó di ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó kù.

Iṣẹ́ tó kù yìí ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ìwé tó ń kọ́ni ní lẹ́tà òyìnbó a máa ní kí ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe tó dá dúró. Ẹ dán an wò lédè wa, kí ẹ kọ "San owó àga" sí Bàbá Akápò, ẹni ọdún 70. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń rán bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ di "Ẹ san", ó tó ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn 40 ló ń gba ímeèlì yìí, oníkálukú á sì rò pé "ẹ" yẹn, ẹlòmíràn ni. Màmá fi "kí" àti orúkọ oyè yanjú méjèèjì. "A bẹ̀ yín, kó tó di ọjọ́ Jímọ̀":

• Kí akápò san owó àga 200.
• Kí olórí àwọn ọ̀dọ́ yá kánópì 4.
• Kí akọ̀wé pe onílù nítorí aago 9.

Ta ni, kí ló máa ṣe, sí kí ni. Ẹ fi gbólóhùn òkè bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kà á sókè, gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Ẹ tún wo "yá" tó wà níbi kánópì. Akápò ti kọ́kọ́ kọ "gbà", olórí ọ̀dọ́ sì kọ "háyà", Màmá ní kí a mú ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ òun náà la ó lò dé ìdí ìwé, torí bí orúkọ iṣẹ́ kan bá di mẹ́ta, ẹni tó wà l'Ámẹ́ríkà á rò pé iṣẹ́ mẹ́ta ni.

Ọ̀rọ̀ òjò, tí kò sí nínú àtòjọ, ló kù. Mo gbìyànjú láti wá "kí" fún un. Màmá ní òjò kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀. Wọ́n fi àlàfo ìlà kan sílẹ̀ lábẹ́ àtòjọ, wọ́n sì kọ gbólóhùn kan láìfi àmì síwájú rẹ̀: bí òjò bá rọ̀, inú gbọ̀ngàn ni a ó ti jẹun.